Àtẹ̀gùn Tí Òjò Ń Gùn

Ìyá Àmì ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, orúkọ náà kò sì bí i nínú. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, lẹ́tà ló fi kọ́ iṣẹ́ títẹ̀wé. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò fojú rí rí ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, òun náà ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ padà, títí ìwé ẹ̀rí fi dé. Láti ìgbà náà, ìwé Yorùbá kan kì í kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó má fi bíróò pupa fi àmì sí i lórí, kó sì fi tòótòò, ẹ̀kán kékeré abẹ́ lẹ́tà, sí i nísàlẹ̀. Aládùúgbò kan fi ìwé ìpè ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí i, ó fàmì sí gbogbo rẹ̀, ó dá a padà. "Ẹ ní kí n wá bá yín yọ̀," ó wí fún wọn, "ẹ wá kọ ọ́ bí ẹni pé kí n wá bá yín yọ eyín." Ó lọ síbi ìgbéyàwó náà ṣá, ó sì jẹun.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú ìwé tó dá wàhálà sílẹ̀ wá bá a. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, aṣọ iṣẹ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó na ìwé náà sí i.

"Àǹtí, ayọ̀ dé. Ilé ọnà fẹ́ gba iṣẹ́ Bàbá wọlé."

"Ilé ọnà wo?"

"Ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé. Gbọ̀ngàn kan odindi ni wọ́n fẹ́ fún un. Wọn á gé àtẹ̀gùn náà, wọn á kó o síbẹ̀, wọn á kọ orúkọ Bàbá sára ògiri. Mo ti buwọ́ lùwé."

Ìyá Àmì gba ìwé náà. Ó fi ìgò ojú rẹ̀ sójú.

Bàbá tí wọ́n ń sọ yìí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ti kú lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Oníkòtò ni ayé ń pè é. Ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti wa ilẹ̀ pupa láti fi ṣe ojú ọ̀nà, wọ́n fi kòtò ńlá kan sílẹ̀ tó jìn ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Inú kòtò yẹn ni Oníkòtò wọ̀, tó lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Kò gbé òkúta wá, kò ra sìmẹ́ńtì. Ara kòtò gan-an ló gbẹ́ àtẹ̀gùn mọ́kànlélógún sí, láti etí òkè dé ìsàlẹ̀, tó ká bí ìkarahun ìgbín. Àwọn èèyàn dúró sétí kòtò, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn tó lọ́gbọ́n ń kọ́lé sókè, ọ̀kan ń kọ́ tirẹ̀ sísàlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ yìí, nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́, "ọmọ oníkòtò" ni wọ́n ń pè é títí tó fi parí ìwé mẹ́wàá.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ Ìyá Àmì jẹ́ ẹ̀dà tí kánsù ti tọ́jú láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n máa ṣètọ́jú iṣẹ́ náà lẹ́yìn òun. Ìlà kan ni ilé ọnà fi pẹ́ńsù fà lábẹ́:

Bi ile ba kun ibe, oko ni ki e fi gbe e.

"Ẹ ò rí i?" nọ́ọ̀sì wí. "Bàbá fúnra wọn ló sọ ọ́. Bí ilé bá kún ibẹ̀, ọkọ̀ ni kí ẹ fi gbé e. Ilé ti kún ibẹ̀ báyìí, Àǹtí. Ìhà kan ṣoṣo ló kù tí kò ní ilé. Bàbá ti rí ọjọ́ iwájú!"

Ìyá Àmì wo ìlà náà. Kò sí àmì kan lórí rẹ̀, kò sí tòótòò kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó mọ "e" yẹn tí apá rẹ̀ kan ti kán, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òun máa ń tẹ̀ ẹ́. Òun ló tẹ̀ ẹ́.

"Kì í ṣe ilé," ó wí. "Ilẹ̀ ni. Bí ilẹ̀ bá kún ibẹ̀, ọkọ́ ni kí ẹ fi gbẹ́ ẹ."

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó tún wo ìwé náà. "Àǹtí, ta ló tẹ ìwé yìí?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin tí ẹ fàmì sí ìwé ìpè àwọn ẹlòmíràn? Ẹ̀yin tí ẹ dá lẹ́tà ìfẹ́ tí ọmọkùnrin kan kọ sí mi padà fún un nítorí pé kò fi tòótòò sábẹ́ 'ọkàn'? Ẹ fẹ́ kí n gbà pé inú ìwé kan ṣoṣo tí ẹ ti gbàgbé àmì láyé yín, inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Bàbá mi wà?"

Ìyá Àmì bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Orúkọ tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ló dìde jẹ́rìí lòdì sí i.

Nígbà tí ọmọ náà lọ, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó sì rántí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ kò ní àmì, kò ní tòótòò, nítorí náà ọwọ́ ló fi máa ń fi wọ́n sí i lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ọjọ́ náà jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, òjò ń rọ̀ láti òwúrọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́yìn àga, ó ń sọ, òun ń tẹ̀. Bó ṣe fa ìwé yọ, tó na ọwọ́ sí bíróò pupa, ọkùnrin náà gbá a mú lọ́rùn ọwọ́. "Fi í sílẹ̀ ná! Omi ti fẹ́ dé ìkẹsàn-án! Wá wò ó!" Ó sáré tẹ̀ lé e nínú òjò, láìwọ bàtà, òun tí ó ti tó ẹni ọdún márùndínlógójì, tí àwọn èèyàn ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn kẹwàá, wọ́n ń wo omi pupa tó ń bo etí ìkẹsàn-án díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi sí mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n nu ara wọn gbẹ, wọ́n mu nǹkan gbígbóná, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọkùnrin náà gbé ìwé lọ sí kánsù lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Bíróò pupa wà níbi tó fi í sí.

Ìyá Àmì kò sáré nínú òjò mọ́ láti ọjọ́ náà.

*

Ọ̀gá ilé ọnà kì í ṣe èèyàn burúkú. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó máa ń fetí sílẹ̀ kó tó fèsì. Ó gba Ìyá Àmì sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fún un ní àga tó dára, ó sì pe agékùúta tí yóò ṣe iṣẹ́ náà wọlé kí gbogbo wọn lè jọ sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di ọwọ́ mọ́ra.

Ìyá Àmì ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ilé ọnà ṣe kà á àti bí òun ṣe kà á.

Agékùúta fi ìka ra irùngbọ̀n. "Mà, èmi náà wò ó dáadáa, ó sì lè jẹ́ pé ọkọ ni kí ẹ fi gbé e. Ìyẹn ni pé kí obìnrin tó bá ní ọkọ alágbára lọ rán an."

"Fún ìwọ, ẹnu ni kí wọ́n fi gbé e," Ìyá Àmì wí, "torí òun ló lágbára jù lára rẹ." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tọrọ gáfárà.

Ọ̀gá ilé ọnà kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú bíróò dání lónìí lè sọ ìlà yìí di ohun tó bá wù ú. Ọmọ rẹ̀ kà á báyìí, àbúrò rẹ̀ kà á báyìí. Kí ni kí n tẹ̀ lé?"

"Tẹ̀ lé iṣẹ́ náà. Ǹjẹ́ ẹ mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́?"

"Àtẹ̀gùn ni, mà. Ó rẹwà."

"Kì í ṣe àtẹ̀gùn tí èèyàn ń gùn. Òjò ló ń gùn ún." Ó fa àga sún mọ́ tábìlì. "Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, ọdún méjì gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi kò fọwọ́ kan ilẹ̀. Ó ri ọ̀pá sínú kòtò yẹn, ó ń lọ wò ó ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, èmi sì ń kọ ọ́ sílẹ̀: omi gòkè tó báyìí lọ́sẹ̀ yìí, ó gòkè tó báyìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òjò àkọ́kọ́, ilẹ̀ ló máa ń mu ún, nítorí náà àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ kò ga ju ìka mẹ́rin lọ. Láàárín òjò, kòtò ti yó, omi ń fò sókè, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì ga dé orúnkún. Lókè, òjò ti ń rọ̀ tán, wọ́n tún kéré. Ọ̀sẹ̀ kan, àtẹ̀gùn kan. Rọ́bà gígùn tí omi wà nínú rẹ̀ ni èmi àti òun dì mú ní ìhà méjèèjì láti mọ̀ bóyá etí àtẹ̀gùn dọ́gba, torí omi inú rẹ̀ kì í ga níhà kan ju èkejì lọ. Gíga àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, òjò ibẹ̀ ni. Bí ẹ bá gbé e wá síhìn-ín, òjò wo ni yóò gùn ún?"

"A lè fi ẹ̀rọ máa da omi sí i," ọ̀gá náà wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dájú. "A ó fi iná ṣe oòrùn."

"Ta ló ń gbé kànga relé? Omi rẹ̀ ni wọ́n ń pọn."

Nọ́ọ̀sì dìde lójijì. "Ó dáa, Àǹtí! Kí ó wà níbẹ̀! Kí àwọn èèyàn máa da ìdọ̀tí sí i! Ṣé ẹ mọ̀ pé àtẹ̀gùn méjìlá ti wọnú ẹrẹ̀? Gọ́tà ilé tuntun wọ̀nyí ló ń gbá ilẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá kọjá ń bi mí pé kí ni kòtò yẹn. Mo fẹ́ kí orúkọ bàbá mi wà lára ògiri kan tó mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀," Ìyá Àmì wí. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, nítorí kò rí ibi tí ọmọ náà ti jẹ̀bi.

Wọ́n kò rí i yanjú. Ọ̀gá ilé ọnà ní kí wọ́n gé àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó wà lókè jù lọ lọ́jọ́bọ̀, láti dán an wò. Bó bá jáde láìfọ́, wọn yóò gé ìyókù.

"Ojú rẹ̀ nìkan ló le," Ìyá Àmì kìlọ̀ fún agékùúta. "Má ṣe gé e."

"Mà, mo ti gé òkúta tó le ju orí àna mi lọ."

*

Lọ́jọ́bọ̀ náà, ẹ̀ẹ̀rùn ṣì mú. Ìsàlẹ̀ kòtò ti sán, ẹrẹ̀ tó gbẹ bo ìdajì iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí ẹni tó sùn. Ìyá Àmì kò tíì wá síbẹ̀ láti ọdún tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá ilé àti ògiri ọgbà láyìíká, ó bá aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án tó kù lókè ṣì ká bó ṣe ń ká, ipa ọkọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà lára wọn, kúkúrú kúkúrú, tí wọ́n tẹ̀ sọ́wọ́ òsì, nítorí ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọ̀kan. Ilẹ̀ náà gbóná bí ara èèyàn.

Agékùúta tan ayùn onímọ́tò. Eruku pupa dìde. Ayùn náà ké kíkan bí ó ṣe wọ ojú àtẹ̀gùn òkè, agékùúta sì mirí bí ẹni tó mọ iṣẹ́. Ó gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó gé ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó kọjú sí ẹ̀yìn, ayùn náà ṣàdédé dákẹ́ ariwo, ó wọlé bí ìgbà tí ọ̀bẹ wọ inú búrẹ́dì. Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó ti irin kan bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Àtẹ̀gùn náà gbéra díẹ̀, ó sì ya sí méjì, sí mẹ́rin, ó dà sílẹ̀. Ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan péré ló le. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ amọ̀ rírọ̀, tútù, aláwọ̀ pupa àti funfun.

Agékùúta gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Bó ṣe rí nìyẹn," Ìyá Àmì wí. "Ilẹ̀ yìí rọ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ àti oòrùn ló ń sọ ojú rẹ̀ di òkúta. Inú rẹ̀ kì í le láé, àfi bí o bá ṣí i sílẹ̀. Èèpo ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Ara ilẹ̀ ló fi ń dúró."

Ọ̀gá ilé ọnà bẹ̀rẹ̀, ó bu díẹ̀ nínú amọ̀ náà, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́.

"Ó mọ̀," ó wí. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Bàbá yín ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ èyí fún ọdún mẹ́rin. Ó mọ̀ pé kò ṣeé gbé. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè kọ ọ́ pé kí a fi ọkọ̀ gbé e. Ọkọ́ ni."

Nọ́ọ̀sì ń wo àfọ́kù tó wà nílẹ̀. Òun ló buwọ́ lùwé pé kí wọ́n gé e. Ìyá Àmì fẹ́ sọ nǹkan fún un, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti yí ẹ̀yìn padà, ó ti ń gun òkè lọ.

"Màmá," ọ̀gá ilé ọnà wí, "mo lè kọ iṣẹ́ yìí sínú ìwé wa bí ó ṣe wà níbi tó wà, kánsù kò sì ní lè dí i. Nínú ilé wa, fọ́tò àti àwòrán ilẹ̀ tó júwe ọ̀nà ni a ó fi hàn. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ẹrẹ̀ sínú ìwé. Kánsù ti fẹ́ kó yẹ̀pẹ̀ dí kòtò yìí nítorí ẹ̀fọn. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ rí àtẹ̀gùn."

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù?"

"Mẹ́ta. Bóyá."

Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni Ìyá Àmì. Ó ní, "Ó tó."

Lọ́jọ́ kejì, ó mú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì wá. Agékùúta náà wá, láìsí ẹni tó pè é. Ó ní ẹni tó bá fọ́ àwo ló ń gbálẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí ẹ̀rọ ńlá yóò fọ́ èèpo náà. Wọ́n ń wa ẹrẹ̀ títí yóò fi ku ìka kan, Ìyá Àmì yóò sì fi ìgbálẹ̀ àti pákó pẹlẹbẹ ha ìyókù kúrò. Ó ń ṣe é bó ṣe ń fàmì sí ìwé, láìfo ibì kankan. Ẹ̀yìn ń ro ó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí wọ́n ti yọ àtẹ̀gùn kejìlá síta, nọ́ọ̀sì dé. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó sì wọ ìbọ̀wọ́ ilé ìwòsàn.

"Ìbọ̀wọ́ yẹn kò ní pẹ́ ya," Ìyá Àmì wí.

"Mo kó páálí kan wá."

Ó gba ọkọ́. Ó dì í mú bí ẹni tó di ìgbálẹ̀ mú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni agékùúta sì gbójú kúrò kó má bàa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó mọ̀ ọ́n. Ó béèrè ìdí tí àtẹ̀gùn kan fi ga tí èkejì fi kéré, Ìyá Àmì sì sọ fún un. Ó béèrè ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń jẹ níhìn-ín lọ́sàn-án. Ó béèrè bóyá ó máa ń kọrin. "Ó máa ń bá ara rẹ̀ jà," Ìyá Àmì wí. "Ó máa ń bú ilẹ̀. Ó ní ilẹ̀ yìí lórí kunkun bí ìyá rẹ. Àtẹ̀gùn kẹtàdínlógún lókè yẹn, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé ọ sí, o sùn sínú apẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ sì ń bú u pé yóò fi eruku pa ọmọ."

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ, ó ń gbẹ́lẹ̀ lọ.

*

Òjò kò dúró de ọ̀sẹ̀ kẹta. Ó dé lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó ku ẹrẹ̀ bíi agbọ̀n mẹ́ta lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá. Agékùúta ń kígbe pé kí wọ́n gòkè. Ìyá Àmì kọ̀. Òun àti nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bu ẹrẹ̀ náà, wọ́n ń gbé e fún agékùúta, òjò ń lù wọ́n lẹ́yìn, títí etí àtẹ̀gùn kìíní fi hàn, tààrà, bí ẹni fi rúlà fà á.

Lówùúrọ̀, ọ̀gá ilé ọnà dé pẹ̀lú agboòrùn àti ìwé. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó ń ká pẹ̀lú àtẹ̀gùn títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Oòrùn gba àlàfo ìhà ìlà-oòrùn wọlé, ó bọ́ sórí omi tó ti jọ nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń jó lára ògiri pupa. Ó buwọ́ lùwé níbẹ̀, lórí ẹ̀yìn agékùúta tó bẹ̀rẹ̀ fún un bíi tábìlì.

"Àtẹ̀gùn òkè tó fọ́ ńkọ́?" agékùúta béèrè. "Mo lè fi sìmẹ́ńtì tún un ṣe. Mi ò ní gba kọ́bọ̀."

Ìyá Àmì wo nọ́ọ̀sì. Ọmọ ẹni tó ni iṣẹ́ ni.

"Rárá," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sọ inú rẹ̀ di òkúta. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó gbẹ́sẹ̀ ga."

Nígbà tí àwọn yòókù lọ, òun àti àǹtí rẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn kejì. Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà, ó sọ̀ sórí àtẹ̀gùn kìíní. Omi dé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó pa dà, ó tún dé.

"Ìgbà wo ni omi yóò bò ó?"

"Ọjọ́ Àìkú, bí òjò bá gbà."

"Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú."

"Bá ẹlòmíràn ṣe pàṣípààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́," Ìyá Àmì wí, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀.